"Brìn Mọ́nì": Iṣẹ́ Tí Píjìn Ń Ṣe ní Ọjà àti Ìdíkọ̀ Ìlọrin

Bí ìyá alátà kan ní ọjà Ìpàtà bá pè yín padà, tó ní "Brìn mọ́nì", ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ ni pé kí ẹ mú owó wá. Ẹni tí kò mọ ojú ọjà lè rò pé wọ́n ń pàṣẹ fún òun bí ẹni tó jẹ gbèsè. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyá náà ti gbà fún yín ni. Iye tí ẹ dá kẹ́yìn kí ẹ tó máa lọ, iye yẹn gan-an ló gbà. Gbàrà tí ọ̀rọ̀ méjì yẹn ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ọjà ti di tiyín, owó sì ti di tirẹ̀. Ẹni tó bá tún fẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà nínú yín yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní dùn mọ́ ọn létí.

Bí ọ̀pọ̀ gbólóhùn Píjìn tí à ń gbọ́ lẹ́nu ọlọ́jà àti ọlọ́kọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ìtumọ̀ tó wà lójú ọ̀rọ̀ wà, iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe sì wà lábẹ́ rẹ̀. Òyìnbó onímọ̀ kan, John Austin, sọ ọ̀rọ̀ lórí irú nǹkan báyìí ní Yunifásítì Harvard lọ́dún 1955, wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde ní ìwé lọ́dún 1962, nígbà tó ti kú. Ohun tó fi yé àwọn èèyàn ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kì í ròyìn nǹkan kan, wọ́n ń ṣe nǹkan ni. Ẹni tó ní "mo ṣèlérí" kò ròyìn ìlérí fún wa, ó ti ṣe é. Ìbéèrè tí mo máa ń bi gbólóhùn ọjà kọ̀ọ̀kan ni pé: ta ni ọ̀rọ̀ yìí dè? Ṣé ẹni tó sọ ọ́ ni, àbí ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún? Bí a bá ti lè dáhùn ìyẹn, ìyókù yóò yé wa.

Ìlọrin kò dà bí Wàrí tàbí Sápẹ̀lẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi Píjìn sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu. Yorùbá ni èdè ìgboro Ìlọrin. Àwọn ìdílé tó jẹ́ Fúlàní àti Háúsá láti ilẹ̀ wá pàápàá, Yorùbá ló ti di èdè ilé wọn. Nítorí náà, kò sí ìdí tí ọmọ Ìlọrin méjì á fi máa fi Píjìn bá ara wọn nájà. Àwọn àlejò ni Píjìn wà fún. Ìlọrin di olú-ìlú ìpínlẹ̀ lọ́dún 1967, ètò àgùnbánirọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1973, yunifásítì sì dé lọ́dún 1975, tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀ka ti Ìbàdàn. Ìjọba, ẹ̀kọ́ àti ètò àgùnbánirọ̀ ń kó èrò wá láti ibi gbogbo, àwọn èrò yìí sì gbọ́dọ̀ jẹun, kí wọ́n sì wọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ óò fi gbọ́ Píjìn púpọ̀ ní ọ̀nà Tánkè, ní agbègbè Pósí Ọ́fíìsì àti ní àwọn ìdíkọ̀, tí yóò sì dínkù bí ẹ bá ń súnmọ́ Ọjà Ọba àti àwọn agbo ilé àtijọ́.

Nítorí pé ẹnu Yorùbá ló ń sọ ọ́, àṣà ọjà Yorùbá ló wà nínú rẹ̀. "Mú owó wá" ni ìyá alátà ìbá sọ fún ọmọ ìlú, ohun kan náà ni ìbá sì jẹ́. Ó kàn yí ọ̀rọ̀ náà sí Píjìn ni, àdéhùn tó wà nínú rẹ̀ kò yí padà. Ẹni tó wá láti ibòmíràn lè gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àdéhùn náà sì fò ó dá.

Kí a tó wọ ọjà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa ohùn, torí etí Yorùbá ni yóò tètè gbọ́ ọ. Píjìn ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ohùn yìí sì ń yí ìtumọ̀ padà. "Gó" tó lọ sókè ni lílọ. "Gò" tó wá sílẹ̀ ni "máa", ti ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. "À gò gó" ni "mo máa lọ". Bákan náà, "dé" tó lọ sókè ni "wà": "Ṣéńjì dé", ṣéńjì wà nílẹ̀. "Dè" tó wá sílẹ̀ ni "ń" tiwa: "À dè gó", mò ń lọ. Bí mo ṣe kọ wọ́n sílẹ̀ níbí nìyẹn, bí a ṣe ń gbọ́ wọn lẹ́nu ọmọ Yorùbá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká nájà. Ká ní àgùnbánirọ̀ kan dúró níwájú rọ́bà tòmátì, ìyá alátà sì pè é ní ₦3,000. Àgùnbánirọ̀ náà ní, "Mádàámù, háù mọ́ọ̀ṣì láàsì?" Ojú ọ̀rọ̀ ni "èló ni ìgbẹ̀yìn?" Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ìyá náà yóò dá iye ìgbẹ̀yìn lóòótọ́ kò tíì mọ ọjà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í béèrè òpin, ìbẹ̀rẹ̀ ló ń béèrè. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kéde pé, "Mo gbọ́ iye tí ẹ pè, n kò gbà á, ṣùgbọ́n mo fẹ́ rà." Kò tíì de ẹnikẹ́ni. Ẹ lè béèrè "láàsì" níwájú ìsọ̀ márùn-ún kí ẹ sì máa lọ, kò sẹ́ni tí yóò bínú.

Ìyá náà kò ní dá iye kan. Yóò dá ìbéèrè náà padà: "Háù mọ́ọ̀ṣì yù wọ́ọ̀ń pé?" Èló lẹ fẹ́ san? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí, ibí yìí náà sì ni àwọn àlejò ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Iye tí ẹ bá dá lẹ́yìn ìbéèrè yìí ti di ìlérí. Bí àgùnbánirọ̀ bá ní "Tú táúsìn", tí ìyá náà sì ní "Kẹ́rì àm", gbé e, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tún lè sọ pé òun kàn ń bi í wò ni. Ẹni tó dá iye, tí wọ́n gbà fún un, tó wá yísẹ̀ padà, ti fi ọlọ́jà ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ òwúrọ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà gbà pé ẹni tó bá ṣí ọjà fún àwọn ló ń pinnu bí ọjọ́ náà yóò ṣe rí. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá iye tí ẹ kò lè san, kódà bí ẹ bá rò pé kò sí bí wọ́n ṣe máa gbà á.

Ká ní ìyá náà kò gba ₦2,000. Ohun méjì ló lè sọ, wọn kò sì jọra. Ó lè ní, "Yọ̀ mọ́nì nó ríìṣì", owó yín kò tó. Ó tún lè ní, "Ádì mọ́nì", ẹ fi owó lé e. Ti àkọ́kọ́ ń sọ pé ọ̀nà ṣì jìn, ó ń retí kí ẹ fo ìgbésẹ̀ ńlá kan. Ti èkejì jẹ́ ìròyìn ayọ̀: ó ń sọ fún yín pé ẹ ti súnmọ́ ọn, díẹ̀ ló kù. Ẹni tó bá gbọ́ "Ádì mọ́nì" tó wá fi ₦500 lé e lẹ́ẹ̀kan ti ná owó tí kò yẹ kó ná, ₦100 tàbí ₦200 ni ọ̀rọ̀ yẹn ń béèrè. Ẹni tó gbọ́ "nó ríìṣì", tó wá fi ₦100 lé e, yóò rí ìyá náà tó kọjú sí oníbàárà mìíràn. Ìdáhùn náà nìyẹn, kò ní tún fi ẹnu sọ ọ́.

Àgùnbánirọ̀ wa gbé e sí ₦2,500. Ìyá náà ní, "Láàsì, tú-ẹ́ètì. Ná só à báì àm." ₦2,800 ni ìgbẹ̀yìn, bí òun náà ṣe rà á nìyẹn. Gbólóhùn yìí máa ń bí àwọn èèyàn nínú. Wọ́n á ní ṣé ìyá yìí ń ta ọjà láìjèrè ni, wọ́n á sì pè é ní òpùrọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbọ́ ọ bí ẹni ń ka ìwé ìṣirò. "Ná só à báì àm" ń kéde ilẹ̀ tí òun kò fẹ́ kọjá. Bí a ti ń sọ ọ́ náà ṣe pàtàkì: bó bá sọ ọ́ nígbà tó ṣì ń to ọjà, tí ojú rẹ̀ sì wà lára yín, ilẹ̀ náà ṣì rọ̀. Bó bá sọ ọ́ tó sì ń da tòmátì padà sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá, ilẹ̀ náà ti le.

Ó kan ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, "À dè kọ́m". Òyìnbó tó bá gbọ́ ọ yóò máa retí pé ẹni náà ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ọmọ Yorùbá mọ̀ pé "mò ń bọ̀" ni ẹni tó ń lọ máa ń sọ. Nínú ilé, ó túmọ̀ sí pé màá padà dé. Ní ọjà, ó jẹ́ ọ̀nà láti kọ ọjà sílẹ̀ láìkọ ọlọ́jà. Àgùnbánirọ̀ sọ ọ́, ó sì rọra ń lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò de ẹ̀yin, ọlọ́jà ló gbé ìpinnu lé lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ kí ẹ dé ìsọ̀ kẹta láìpè yín, iye yín kò wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Bó bá pariwo "Kọ́sítọ́mà! Kọ́m. Brìn mọ́nì", ₦2,500 ti tó. Ẹ padà, ẹ san ₦2,500 gan-an. Mo ti rí ẹni tó padà tó sì ń na ₦2,300, pé kí ìyá náà ṣe é fún òun bẹ́ẹ̀. Ariwo tó tẹ̀lé e kì í ṣe nítorí ₦200. Àdéhùn tí "Brìn mọ́nì" ti dì ni oníbàárà náà fẹ́ tú.

Píjìn kò ní "ẹ" àti "o" bíi tiwa. "Yù" ni ẹnì kọ̀ọ̀kan, àgbà àti ọmọdé. Èyí kì í tẹ́ ọlọ́jà Ìlọrin lọ́rùn, nítorí náà orúkọ ọ̀wọ̀ ni wọ́n máa ń fi dí ihò náà: ọ̀gá, mádàámù, àńtí, ìyá, àti ní Ìlọrin pàápàá, Alájì àti Alájà. Orúkọ yìí ni yóò sọ bí gbólóhùn tó tẹ̀lé e ṣe le tó. "Alájà, ádì mọ́nì" jẹ́ ẹ̀bẹ̀. "Ádì mọ́nì" lásán jẹ́ òwò. Bí ẹ̀yin tí ẹ ń rà bá sì fi Píjìn bá ìyá tó dàgbà sọ̀rọ̀ láìfi "má" tàbí "ìyá" sí i, iye tí ẹ óò gbọ́ kò ní dùn mọ́ yín, ẹ kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Ohun kan tún wà tí mo gbà gbọ́: ọmọ Yorùbá tó bá ń fi Píjìn nájà lọ́wọ́ Yorùbá ní Ìlọrin ń ṣe ara rẹ̀. Ó ti sọ ara rẹ̀ di àlejò ní ibi tí kì í ti í ṣe àlejò, owó àlejò ni wọ́n á sì pè fún un.

"Àbẹ́ẹ̀gì" yẹ ní àyè díẹ̀. Ojú rẹ̀ ni "mo bẹ̀ yín", iṣẹ́ méjì tó tako ara wọn ló sì ń ṣe. Bí ohùn rẹ̀ bá gùn, tó wà níwájú gbólóhùn, ẹ̀bẹ̀ ni. Bó bá kúrú, tó sì dá dúró, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn ni, ọ̀rọ̀ ti sú ẹni náà nìyẹn. Àwọn tiwa á tún fi tiwọn kún un, wọ́n á ní "Àbẹ́ẹ̀gì, jọ̀ọ́!" Ẹ̀bẹ̀ méjì lórí ara wọn, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ báyẹn kó yáa kọjá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń da àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láàmú ju ẹni tí kò gbọ́ ọ lọ. "Nẹ́và" ni. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó túmọ̀ sí láéláé. Nínú Píjìn, "kò tíì" ni. "À nẹ́và sẹ́ẹ̀lì síńsì mọ́nìnì" kì í ṣe pé òun kò tajà rí, n kò tíì tà láti àárọ̀ ni. Iṣẹ́ tó ń ṣe sì ni pé ó ń béèrè pé kí ẹ má ṣe fi ìná líle ṣí ọjà fún òun. Láti ìgbà tí owó orí fóònù ti gbilẹ̀, "nẹ́và" yìí ti rí iṣẹ́ tuntun, iṣẹ́ náà sì le.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Nígbà tí ọdún 2023 fi bẹ̀rẹ̀, owó ìwé ti ṣọ̀wọ́n débi pé èèyàn ń ra owó pẹ̀lú owó. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di ìparí ọdún náà. Kí ìdájọ́ yẹn tó jáde, alátà, ẹlẹ́ran àti ọlọ́kọ̀ tí kò gba owó orí fóònù rí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ibẹ̀ ni "Àláàtì nẹ́và ẹ́ńtà" ti wá di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ojú rẹ̀ ni pé ìkéde báńkì kò tíì wọlé. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dá yín dúró. Ẹ ti fi owó ránṣẹ́, fóònù yín ti sọ pé ó lọ, ẹ sì ti gbé ọjà dání, ṣùgbọ́n ọjà náà kò tíì di tiyín. Ẹ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tó wà lójú fóònù yín kò yí i padà, torí àwọn gbájúẹ̀ ti fi ayédèrú irú ìwé bẹ́ẹ̀ rẹ́ àwọn ọlọ́jà jẹ púpọ̀.

Bí àláàtì bá pẹ́, ẹ gbọ́ bí gbólóhùn náà ṣe ń yí. "Àláàtì nẹ́và ẹ́ńtà" ni ìyá náà kọ́kọ́ sọ, ohùn rẹ̀ sì wà bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ yóò di "Mádàámù, í nẹ́và ẹ́ńtà o". "O" yẹn ti fi ìkìlọ̀ kún un. Ohun tó dára jù láti ṣe nígbà náà ni pé kí ẹ gbé ọjà náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀, ẹ ti fi hàn pé ẹ mọ̀ pé àdéhùn kò tíì parí, ara rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Bí ẹ bá dì í mú, tí ẹ ń ṣàlàyé nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún un, ṣe ni àlàyé yín yóò dà bí ti gbájúẹ̀. Nígbà tó bá ní "Í dọ̀n ẹ́ńtà", ọ̀rọ̀ parí. "Dọ̀n" ni "ti" tiwa, ó sì máa ń tú ẹni tí "nẹ́và" bá dè sílẹ̀.

Ní ìdíkọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ó yá ju ti ọjà lọ. Ní ìgboro Ìlọrin, takisí, kòròpẹ́ àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ló pọ̀ jù, dẹ́rẹ́bà fúnra rẹ̀ ló sì sábà máa ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ńdọ́. Ó ń wakọ̀, ó ń pe èrò, ó ń gba owó, ó sì ń wá ṣéńjì. Nítorí náà, gbólóhùn rẹ̀ kò gùn.

"Ẹ́ńtà wíìtì yọ̀ ṣéńjì o!" Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín. Ó dà bí ìmọ̀ràn. Kì í ṣe ìmọ̀ràn rárá, àdéhùn ọkọ̀ ni wọ́n ń kà sí yín létí kí ẹ tó wọlé. Ohun tó ń sọ ni pé: bí ẹ bá gbé ₦1,000 jáde fún ọkọ̀ ₦300 tí n kò sì ní ṣéńjì, ẹ̀yin ni ẹ jẹ̀bi, kì í ṣe èmi. Gbogbo ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn ìpè yẹn ti fọwọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí dẹ́rẹ́bà fi máa ń pariwo rẹ̀ kí gbogbo èrò lè gbọ́. Bí ìjà bá dé níwájú, yóò bi àwọn tó kù pé, "À nó tọ́ọ̀kì àm?" Ṣé n kò sọ ọ́? Àwọn tó kù yóò sì dá a láre. Bí owó yín bá tóbi, kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan wọlé ni kí ẹ sọ ọ́: "Ọ̀gá, wọ́ọ̀ń táúsìn dé mì hàńdì o." Bó bá ní kí ẹ wọlé, ẹrù ṣéńjì ti padà sọ́rùn rẹ̀.

"Yọ̀ ṣéńjì dé" ni ìdáhùn tí ẹ fẹ́ gbọ́ nígbà tí ẹ bá béèrè. Ìlérí ni, ohùn òkè tó wà lórí "dé" sì ni kí ẹ fetí sí. Bí dẹ́rẹ́bà bá ní "À dè kọ́m wíìtì àm", kò tíì ní ṣéńjì náà lọ́wọ́, ó ṣì ń retí kí èrò mìíràn san owó wẹ́wẹ́. Ẹ máa rán an létí kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ń lọ, kí ó má jẹ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá dúró. Dẹ́rẹ́bà tí ọkọ̀ mìíràn ń fọn fèrè fún lẹ́yìn kò ní sùúrù láti wá ₦200.

Níbi tí kọ̀ńdọ́ bá wà, ní àwọn bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú mìíràn, ẹ óò gbọ́ "À gò jọ́ìnì únà". Màá so yín pọ̀. Ká ní ẹ̀yin àti ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní ₦500 ₦500 láti gbà. Kọ̀ńdọ́ á na ₦1,000 kan sí ọ̀kan nínú yín, á sì kọjú síbòmíràn. Ẹ wo ohun tí gbólóhùn kékeré yẹn ṣe. Ó jẹ yín ní gbèsè tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bọ́. Ẹni tẹ́ ẹ kò mọ̀ rí ló wá jẹ yín ní gbèsè báyìí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ yanjú ẹ. Bí ẹ bá ń lọ ibì kan náà, kò burú, ẹ óò wá ibi tí wọ́n ti ń ta omi tutù, ẹ óò sì ṣẹ́ owó náà. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ń sọ̀ kalẹ̀ ní Gànmọ̀ tí èkejì ń lọ sí Ọ̀fà, ẹni tí owó náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ló wà nínú ewu. Kí owó náà tó kúrò lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́ ni kí ẹ kọ̀ ọ́, ẹ ní ibi tí ẹ ń lọ kò papọ̀. Bí ẹnì kan nínú yín bá ti gbà á, ẹ ti gba ìsopọ̀ náà, kọ̀ńdọ́ kò sì ní dáhùn mọ́.

Èyí tó ń ná àlejò lówó jù lọ ni "drọ́ọ̀pù". Àlejò dúró sí Pósí Ọ́fíìsì, takisí tó ṣófo dúró níwájú rẹ̀, ó sì ní, "Drọ́ọ̀pù mí fọ̀ Tánkè." Lójú tirẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé òun dé Tánkè kí wọ́n sọ òun kalẹ̀. Dẹ́rẹ́bà gbọ́ nǹkan mìíràn. Lẹ́nu ọlọ́kọ̀, "drọ́ọ̀pù" ni kí ẹnì kan gba gbogbo ọkọ̀ fún ara rẹ̀, kí dẹ́rẹ́bà má ṣe gbé ẹlòmíràn. Bí owó ẹnì kan bá jẹ́ ₦300, tí ọkọ̀ náà sì ń gbé èrò márùn-ún, ₦1,500 ni dẹ́rẹ́bà yóò ti bẹ̀rẹ̀, torí owó àga tó ṣófo náà wà nínú rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tó dáa á béèrè pé, "Ná drọ́ọ̀pù?" Ṣé ẹ fẹ́ dá ọkọ̀ gbà ni? Ẹni tí kò yé á ní "Yẹ́ẹ̀sì", torí lóòótọ́, ó fẹ́ kí wọ́n sọ òun kalẹ̀ níbì kan. Ó ti fọwọ́ sí ₦1,500 nìyẹn.

Àmì wà tí a fi ń mọ̀ kó tó pẹ́ jù. Ọkọ̀ tó ń gbé èrò yóò máa rọra sáré ní ẹ̀gbẹ́ títì, dẹ́rẹ́bà yóò máa wo ojú àwọn tó dúró, yóò sì máa fọn fèrè pè wọ́n. Bí ọkọ̀ yín bá ń kọjá lára àwọn èrò tó nawọ́ sí i láìdẹsẹ̀, ẹ ti wà nínú drọ́ọ̀pù. Ẹ sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ ní, "Ọ̀gá, nó bì drọ́ọ̀pù o, kẹ́rì pásíńjà." Bí ẹ bá sọ ọ́ nígbà tí ọ̀nà ṣì kù, ọ̀pọ̀ wọn á gbà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Bó bá di Tánkè kí ẹ tó sọ ọ́, ẹjọ́ yín ti kú, torí èrò tí kò gbé lójú ọ̀nà kò ní padà wá mọ́. Ohun tí àwọn ará ìlú ń ṣe rọrùn: wọn kì í lo ọ̀rọ̀ náà rárá nígbà tí wọ́n bá ń dá ọkọ̀ dúró. Orúkọ ibi tí wọ́n ń lọ nìkan ni wọ́n ń pè, "Tánkè!" Bí dẹ́rẹ́bà bá mi orí, wọ́n á wọlé. Bí ó bá ń lọ síbòmíràn, yóò tẹ iná kọjá, kò sì ní sí àdéhùn kankan láàárín wọn.